Ọjà Ọ̀pọ̀ àti Iye Tó Yẹ Ọjà

Kò sí ọjà tí kò ní iye tirẹ̀. Ẹni tó ń ra iṣu mọ iye tí iṣu tó gbó dáadáa ń jẹ́, ó sì mọ iye tí èyí tó ti ń jẹrà ń jẹ́. Bí olùtajà bá pe iṣu tó dára ní iye èyí tó ń jẹrà, olùrà kò ní yọ̀ títí yóò fi yí i wò lọ́tùn-ún lósì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ fóònù rí. Ọ̀nà mẹ́ta ni fóònù inú ọjà pín sí: titun, tòkunbọ̀ àti ayédèrú. Tòkunbọ̀ ni èyí tí ẹnì kan ti lò rí, tí a wá tún ṣe, tí a sì nù mọ́. Ayédèrú ni èyí tí wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ tí kò ṣe é sí lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ẹ̀rìn-Ilé tí ó fẹ́ ra áífóònù. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ìyá rẹ̀ fi ta gàrí kí owó náà tó pé. Nítorí pé Ẹ̀rìn-Ilé àti Ọ̀fà fara kan ara wọn, Ọ̀fà ni ó lọ. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ó sì béèrè irú kan náà, 128 GB, lọ́wọ́ gbogbo wọn. Nǹkan bí 600,000 náírà ni wọ́n pe titun rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùtajà kẹrin ní 350,000 ni òun yóò gbà. Inú ọmọ náà dùn, síbẹ̀ kò sanwó. Ó lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń tún fóònù ṣe.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Àbúrò mi, èrè orí fóònù titun kò tó nǹkan. Ẹni tó bá dín 10,000 kù fún ọ lè fẹ́ tètè tà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó dín 250,000 kù, níbo ni yóò ti rí i? Ohun tó yẹ kí o bi ara rẹ ni pé, irú fóònù wo ni wọ́n ń tà ní 350,000?”

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ayédèrú ni. Ó tẹ App Store. Ayédèrú áífóònù sábà máa ń ṣí Play Store nígbà tí a bá tẹ ibẹ̀, nítorí pé ohun tó ń darí rẹ̀ nínú kì í ṣe ti áífóònù rárá. Èyí ṣí bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ó tẹ *#06#, nọ́ńbà 15 sì jáde. Ó fi wọ́n wé ti ara páálí, wọ́n bára mu.

Olùtajà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rí i báyìí?”

Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé ẹnikẹ́ni lè tẹ páálí titun fún fóònù àtijọ́. Ó ṣí Settings, ó wọ General, ó wọ About, ó wo lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Model Number. M ni ti èyí tí a tà ní titun; F ni ti èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tún ṣe kí wọ́n tó tà á; N sì ni ti èyí tí wọ́n fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. M ni ó bá níbẹ̀. Ojú àbúrò rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò tíì gbà. Lẹ́tà náà ń sọ bí fóònù ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é ni, kò sọ iye ọwọ́ tó ti gbà kọjá. Bátìrì ní agbára òun pé 100%, ṣùgbọ́n bátìrì ṣe é pààrọ̀.

Ó wá kọ Serial Number fóònù náà sí ojú ewé checkcoverage.apple.com. Ọdún kan ni ilé iṣẹ́ náà fi ń dúró fún fóònù rẹ̀, láti ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ ti rà á. Ìdáhùn tó jáde ni pé ọdún náà ti parí. A jẹ́ pé ẹnì kan ti ra fóònù yìí ní ó kéré tán ọdún kan ṣáájú ọjọ́ náà, bí ara rẹ̀ ti wù kó máa dán tó.

Olùtajà dákẹ́, lẹ́yìn náà ó jẹ́wọ́ pé tòkunbọ̀ ni. Wọ́n jáde, wọ́n sì béèrè iye tòkunbọ̀ irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí i. 340,000 ni wọ́n pè é, ẹni tó sì ń tà á ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé tòkunbọ̀ ni. Ìgbà náà ni ó yé ọmọ náà pé 350,000 kì í ṣe ọ̀pọ̀. Ìyẹn ti lé ní 10,000 lórí iye ọjà náà gan-an. Orúkọ titun nìkan ni ó mú kí ó dà bí ọ̀pọ̀.