Èkùrọ́ Kì í Ṣe Owó Òjijì

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí a ń gbà kọ owó èkùrọ́ sínú ìwé kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó ń fún epo pupa kò torí èkùrọ́ ra ìdì ẹyìn. Epo ló ń wá. Síbẹ̀ dandan ni kí èkùrọ́ bá epo jáde, kí wọ́n sá a, kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì tà á fún àwọn tó ń ṣe àdín. Ohun tó bá jáde báyìí, tí owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti ojúlówó ọjà, ni mo ń pè ní ọjà ẹ̀gbẹ́. Àwọn oníṣirò kan máa ń yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n ná lórí epo. Àwọn mìíràn á fi owó iṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á wá kọ owó èkùrọ́ sí abẹ́ owó mìíràn tó wọlé. Ní tèmi, ẹni tó bá ń wo ìwé rẹ̀ kó tó dá iye lé ọjà, ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kó tọ̀.

Ká ní ibi ìfúnpo kan ná ₦4,000,000 lórí ẹyìn, òṣìṣẹ́ àti epo ẹ̀rọ lóṣù kan, ó sì rí kẹ́ẹ̀gì epo 200. Wọ́n retí pé èkùrọ́ yóò mú ₦500,000 wá, ṣùgbọ́n pípa rẹ̀, àpò àti ọkọ̀ yóò gba ₦100,000. ₦400,000 tó kù ni iye tó ṣeé yọ, kì í ṣe ₦500,000. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Bí a bá yọ ọ́, owó iṣẹ́ di ₦3,600,000, kẹ́ẹ̀gì kan sì di ₦18,000. Bí a kò bá yọ ọ́, ₦20,000 ni. Wàyí o, wọ́n ta kẹ́ẹ̀gì 160 ní ₦25,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 40 sì wà nílẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ fi èrè ₦1,120,000 hàn. Bí wọ́n bá ta gbogbo èkùrọ́ lóṣù náà, ọ̀nà kejì fi ₦800,000 hàn lórí epo, tí ₦400,000 ti èkùrọ́ bá sì wọlé tẹ̀lé e, ó di ₦1,200,000. ₦80,000 tó wà láàárín wọn kò sọnù: inú kẹ́ẹ̀gì 40 tí a kò tíì tà ló wà, ₦2,000 lórí kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo epo bá tà tán, èrè méjèèjì á bára dọ́gba.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé, bó bá jẹ́ pé wọ́n á padà dọ́gba, kí la wá ń jà sí? Ohun tó bá jọra là ń fi wéra, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Ẹyìn kan náà ló bí epo àti èkùrọ́, nítorí náà inú ìṣirò oṣù tí iṣẹ́ wáyé ló yẹ kí àwọn méjèèjì wà. Èkùrọ́ máa ń pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sá a. Lábẹ́ ọ̀nà kejì, owó rẹ̀ lè wọlé ní oṣù tí ẹ̀rọ kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́, kí oṣù náà sì máa yangàn pẹ̀lú èrè tí kò ṣe làálàá rẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé bí oníbàárà kan bá fẹ́ san ₦19,500 fún kẹ́ẹ̀gì lọ́jọ́ tí ọjà tutù, ẹni tó ń ka ₦20,000 á lé e lọ, bẹ́ẹ̀ ₦1,500 ni ì bá jẹ lérè.

Àwọn tó ń ta kò mí ní ọ̀rọ̀ kan tó lágbára: iye èkùrọ́ máa ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà epo lè dà bí ẹni pé ó dín owó, nígbà tó jẹ́ pé ìfiṣòfò ló ń pọ̀ sí i nídìí ẹ̀rọ. Òótọ́ ni. Oògùn rẹ̀ ni kí ìwé fi owó iṣẹ́ hàn kí a tó yọ èkùrọ́, kó fi iye tí a yọ hàn ní ìlà tirẹ̀, kó tó wá kọ èyí tó ṣẹ́ kù. Bí ₦4,000,000 bá di ₦4,300,000 nígbà tí ẹyìn kò pọ̀ sí i, ọ̀gá á rí i, bí èkùrọ́ tilẹ̀ wọ́n tó wúrà. (Níbi tí wọ́n bá ti ń fi èkùrọ́ san owó àwọn òṣìṣẹ́, kò sí ọ̀nà kankan nínú méjèèjì tó rí i, àyàfi bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́.)

Ìlànà àgbáyé lórí ọjà tó wà nílẹ̀, IAS 2, mẹ́nu ba yíyọ yìí fún ọjà ẹ̀gbẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Síbẹ̀, mi ò ní bá ẹni tí owó èkùrọ́ rẹ̀ kò ju ti ọṣẹ àti ìgbálẹ̀ lọ jiyàn: kó kọ ọ́ sí owó mìíràn, kó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n bí èkùrọ́ bá ti ń pinnu irú ẹyìn tí ẹ ń rà, kì í ṣe ọjà ẹ̀gbẹ́ mọ́. Ẹ pín owó iṣẹ́ láàárín òun àti epo. Bí owó èkùrọ́ yín bá wà láàárín ipò méjèèjì yìí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó epo, ẹ má sì yí ọ̀nà padà lọ́dún tí èrè bá kéré.