Àtẹ Iṣẹ́ Ilé Tí Ọmọdé Lè Tẹ̀ Lé

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní Ìmẹ̀kọ. Lórí páálí, ẹ ya ìgbálẹ̀, abọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ilé ìyàgbẹ́, torí àbíkẹ́yìn kò tíì mọ̀wé kà. Ẹ fi pínnì há orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí iṣẹ́ tirẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Ànábì (SAW) pàápàá máa ń ran ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmíìsì, orúkọ á sún síwájú. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́ ni, wọn á fi ìdọ̀tí sílẹ̀ de ẹni ọ̀la. Ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ ni kó yẹ̀ ẹ́ wò: bí epo bá ṣì wà lára abọ́, kó má gbà á.

Bí ilé ìyàgbẹ́ bá kan ọmọ ọdún 6, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ni kó da oògùn apakòkòrò.