HÙTÚBÀ JÍMỌ̀: ÌFẸ́ ÒTÍTỌ́ ÀTI ÌFẸ́ ÌDẸKÙN

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí ó dá wa ní takọtabo, tí Ó sì fi ìfẹ́ àti àánú sí àárín tọkọtaya. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ tòní wà fún àwọn ọmọ wa tí ó tó ilé ọkọ tàbí tí ó ń wá aya, fún àwọn opó àárín wa, àti fún àwa òbí wọn. Báwo ni a ṣe lè mọ ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí ó sì jẹ́ òtítọ́, yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń fi ìyìn àti ìlérí dẹkùn fún ènìyàn?

Ohun tí Àlùkùráánì fi ọgbà yí ká

Nínú Súrátùl-Bákárà, áyà 235, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa opó tí kò tíì parí oṣù 4 àti ọjọ́ 10 tí ó gbọ́dọ̀ dúró. Ó gbà kí ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí i fi ọ̀rọ̀ pẹ́sọ̀ kan án lára. Ṣùgbọ́n Ó kọ̀ kí ó bá a ṣe àdéhùn ní ìkọ̀kọ̀, Ó sì kọ̀ kí wọ́n so yìgì kí àsìkò náà tó pé.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọlọ́hun kò pe ìfẹ́ fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀. Ohun méjì ni Ó fi ọgbà yí ká: ìlérí ìkọ̀kọ̀ àti ìkánjú. Ohun méjì yìí gan-an ni adẹkùn máa ń lò, ìyìn àpọ́njù ni ó sì fi ń bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí okùn náà ń gbà

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Osi. Ó lọ sí wọ̀límọ̀ ní Ìlọfà, ọkùnrin kan sì gba nọ́mbà rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin náà ní òun kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ti ń pè é ní ìyàwó. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti ṣèlérí ilé ní Ìlọrin, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ àti Úmúrà. Láti ìdájí títí di òru ni ìpè rẹ̀ ń wọlé. Ó tún ní òun kírun Isitikárà, ojú ọmọbìnrin náà ni òun sì rí.

Ọmọbìnrin náà fèsì pé, “Ẹ jẹ́ kí n sọ fún àbúrò bàbá mi ní Odò-Ọwá, kí wọ́n lè mọ̀ yín.” Ohùn yí padà. “O kò gbà mí gbọ́ ni? Àwọn ènìyàn rẹ yóò ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́.” Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò gbé fóònù. Ní ọjọ́ kẹrin ó dé pẹ̀lú fóònù tuntun àti ìyìn tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà yìí ni ó wá ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó wá bá òun ní Ìlọrin, kí ó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ìyìn nìkan ni ó tú àṣírí ọkùnrin yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù lè sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ láìní ètekéte. Ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè kékeré ni ó tú u. Nígbà tí wọ́n ní kí ó dúró, ó fi ìdákẹ́ jẹ wọ́n níyà, ó sì fi ẹ̀bùn ra ẹnu wọn.

Ìyìn tí kò mọ ẹni tí ó ń yìn

Nígbà tí ọkùnrin kan yin ẹlòmíràn kọjá ààlà níwájú Ànábì, ó sọ fún un pé ó ti gé ọrùn ẹnìkejì rẹ̀. Ó ní bí ènìyàn kò bá lè ṣe kí ó má yìn, kí ó sọ ìwọ̀nba ohun tí ó mọ̀, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Nítorí náà, ẹ bi ara yín pé: kí ni ẹni yìí mọ̀ nípa mi? Ẹni tí ó ní, “Mo rí bí o ṣe dúró ti ìyá rẹ nígbà àìsàn,” ti fi ojú rí nǹkan. Ẹni tí ó ní o pé láìlábùkù, tí kò sì tíì mọ orúkọ bàbá rẹ, àwòrán ọkàn ara rẹ̀ ni ó ń yìn.

Bí Ànábì ṣe yanjú ọ̀rọ̀ Fátímà ọmọ Káísì

Ọkọ Fátímà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó parí ìdádúró rẹ̀, ọkùnrin méjì, Muáwíyà àti Abú Jámù, ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ẹ. Kò dá ọ̀rọ̀ náà rò. Ó gbé e tọ Ànábì lọ. Ànábì kò sọ bí ẹnu wọn ṣe dùn tó. Ohun tí a mọ̀ nípa wọn ni ó sọ: Muáwíyà kò ní owó lọ́wọ́, Abú Jámù kì í gbé ọ̀pá kúrò ní èjìká. Ó wá dárúkọ Usámà ọmọ Sáídì. Ọkàn Fátímà kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ ẹ, ó rí oore níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà ni pé owó àti ìwà ni a ń bi léèrè, lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ olúwa rẹ̀. Iṣẹ́ alárinà láàárín àwọn baba wa nìyẹn. Ẹ bi ẹni tí ó bá a gbélé, ẹni tí ó bá a ṣòwò, àti ẹni tí ó bá a rìnrìn àjò.

Ẹ̀sìn tí a fi ń bo ìkánjú

Adẹkùn yóò ní, “Sùnnà ni kí a yára so yìgì.” Òótọ́ ni pé a kò gbọdọ̀ fa ìgbéyàwó gùn láìnídìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwádìí ni ìyára yìí wà. Kò lè rọ́pò ìwádìí. Ẹni tí ó ń kánjú lóòótọ́ yóò kánjú lọ bá walíyyì, yóò sọ sàdáàkì tí agbára rẹ̀ ká, yóò sì sọ fún yín bí ó bá ti ní aya nílé. Isitikárà tí ẹlòmíràn kí kò sì di àṣẹ lé yín lórí.

Nítorí náà, ẹ dán an wò. Ẹ ní kí ó fún yín ní oṣù díẹ̀, kí ó sì wá kí àwọn òbí. Inú olótìítọ́ lè bàjẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò ní yí padà. Àwọn baba wa ní ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀bùn kì í ṣe gbèsè tí a fi ara san.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ yín, ẹ má kígbe mọ́ ọn. Igbe yín ni yóò lé e padà sínú ìkọ̀kọ̀, ibẹ̀ sì ni adẹkùn ń dúró sí.

Kí Ọlọ́hun fi olótìítọ́ pàdé àwọn ọmọ wa, kí Ó sì tú àṣírí ẹlẹ́tàn kí yìgì tó so. Àmín.