Ìwé tí a fi ń dágbére fún iṣẹ́

Àwọn baba wa ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ohùn ẹnu ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohùn tí a bá fi kálàmù kọ sórí tákàdá, tí a sì fà lé ọ̀gá iṣẹ́ lọ́wọ́, burú ju ẹyin tí ó fọ́ lọ, nítorí pé inú fáìlì ni yóò wọ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí di ọjọ́ tí ẹlòmíràn tí ó fẹ́ gbani síṣẹ́ yóò ránṣẹ́ wá béèrè irú ènìyàn tí a jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ní ọjọ́ tí inú wọn ru jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó jẹ́ ìwé tí ó tutù jù lọ nínú gbogbo èyí tí òṣìṣẹ́ yóò fọwọ́ sí láyé rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ewé méjì gbáko ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbà á ní oṣù Kẹta, ọdún 2021, ó ka gbogbo ìwọ̀sí tí ó ti jẹ, ó dárúkọ ẹni tí ó máa ń rojọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì di ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì kí ó tó sọ pé òun ń lọ. Ọjọ́ tí yóò lọ gan-an, kò kọ ọ́ síbẹ̀ rárá.

Mo bi í pé, “Bí ọ̀gá rẹ bá ka èyí tán, kí ni o fẹ́ kí ó ṣe?”

Ó ní, “Kí ó ṣáà mọ̀ pé mo ń lọ ni, bàbá.”

“Ó dára. Nígbà wo ni?”

Kò lè dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ìfitónilétí ni ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ tí a ń rò níwájú ìgbìmọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Nítorí náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ pàá ni kí a ti sọ pé a fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí a dárúkọ ipò tí a wà, kí a sì so ọjọ́ tí a óò ṣiṣẹ́ kẹ́yìn mọ́ ọn. Kí a má kọ “mo ń gbèrò láti lọ”, nítorí pé ẹni tí ó ń gbèrò kò tí ì lọ, ọ̀gá sì lè ní òun kò gba ìwé kankan. Kí a má sì kọ “bí ẹ bá yọ̀ǹda fún mi”, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí ó ti fúnni ní àkókò tí ó yẹ kò tún tọrọ ààyè mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ni ó tó kí a jókòó tì. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ iye àkókò tí a gbọ́dọ̀ fúnni kí a tó lọ. Bí kò bá sọ nǹkan kan, Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti là á kalẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tí ì lò ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tí ó ti kọjá ìyẹn ṣùgbọ́n tí kò tí ì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 láti ọdún 2 títí di ìgbà tí yóò fi kù díẹ̀ kí ó pé 5, àti oṣù 1 fún ẹni tí ó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá àgbà àti àwọn amọṣẹ́dunjú kò sí lábẹ́ ìlànà yìí. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ni tiwọn. Ẹni tí ó bá sì dìde lọ lójijì láìfúnni ní àkókò, wọ́n lè ní kí ó san owó dípò rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti lo ọdún 3 àti ààbọ̀. Nípa ti òfin, ọ̀sẹ̀ 2 ni, ṣùgbọ́n oṣù kan ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀ sọ, èyí ni a sì tẹ̀ lé. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27, ni ó kọ sórí ìwé rẹ̀, ó sì ti ń kà á pé oṣù kan yóò pé ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ọ̀gá rẹ̀ ti rìnrìn àjò, kò ní dé títí di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ tí ìwé bá tẹ agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ sì ni a ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí a kọ ọ́. A wá fi ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ṣe ọjọ́ ìkẹyìn, kí ó lè bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, kí owó oṣù rẹ̀ sì lè pé.

Ohun tí a kọ nìyí, lẹ́yìn àdírẹ́sì àti déètì:

“Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n,

Mo fi ìwé yìí sọ fún yín pé mo fi iṣẹ́ akọ̀wé tí mo ń ṣe lọ́dọ̀ yín sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi ti wí, mo fún yín ní oṣù kan. Ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 2024, ni n óò ṣiṣẹ́ kẹ́yìn.

Kí ọjọ́ náà tó pé, n óò fa ìwé àkọsílẹ̀ ọjà àti kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì lé ẹni tí ẹ bá yàn lọ́wọ́.

Mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ yín.”

Lẹ́yìn èyí, ìfọwọ́sí àti orúkọ. Ó tán.

Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn. Ó ní, “Bàbá, gbogbo ìyà tí wọ́n fi jẹ mí ń kọ́?” Mo sọ fún un pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Kò sí ẹni tí ó pa á láṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ sọ ìdí tí ó fi ń lọ, ibi tí ó ń lọ, tàbí iye tí wọn yóò máa san fún un níbẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ ní owó, ìwé ọ̀tọ̀ ni kí ó fi béèrè rẹ̀, kí ọ̀kan má ba òmíràn jẹ́; kí ó sì ṣọ́ra fún gbólóhùn “n kò ní ohunkóhun gbà lọ́wọ́ yín mọ́”, tí àwọn kan máa ń fi ṣe ìwà pẹ̀lẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni n kò ní kí ó kọ irú ìwé tútù yìí: ẹni tí wọ́n fi ipá lé, tí wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀ pé kí ó fọwọ́ sí i pé òun fẹ́ láti lọ. Agbẹjọ́rò ni kí ẹni náà kọ́kọ́ lọ rí, kí kálàmù rẹ̀ tó kan tákàdá.

Ẹ̀dà méjì ni a tẹ̀. Ní ọjọ́ 30, ọ̀gá gba ọ̀kan, akọ̀wé rẹ̀ sì lu òǹtẹ̀ mọ́ èkejì, ó kọ ọjọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i, ó sì dá a padà. Nígbà tí oṣù parí, tí olùṣirò owó ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, ni àwọn rí ìwé rẹ̀, pé oṣù kan kò pé, àwọn yóò sì yọ ọ̀sẹ̀ kan nínú owó rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó yọ ẹ̀dà náà nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ òǹtẹ̀ náà, wọ́n sì san owó rẹ̀ pé.