Ẹni Tó Gbépo Lájà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Òwe yìí bá gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé wí, láti Ṣómólú títí dé Ìbàdàn. Oníbàárà lè wọlé, kó ní: "Ẹ̀gbọ́n, iná ló jó sátífíkéètì yunifásítì mi. Ti ọ̀rẹ́ mi rèé, ẹ bá mi ṣe irú ẹ̀, kí ẹ fi orúkọ mi sí i. Mo kúkú jáde níbẹ̀ lóòótọ́."

Ẹ má ṣe é. Ó lè kàwé lóòótọ́, àmọ́ ìwé tí ẹ bá ṣe kò ti ilé ẹ̀kọ́ náà wá. Bí ẹ bá mọ̀ pé ayédèrú ni, tí ẹ sì ṣe é kí wọ́n lè gbà á bí ojúlówó, ẹ̀yin náà ti rú òfin.

Ìwé ọ̀hún ò sì ní gba oníbàárà là. Nọ́ńbà tó wà lára sátífíkéètì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló ni ín. Ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ bá kọ̀wé sí yunifásítì láti wádìí, wọn ò ní wo bí òǹtẹ̀ ṣe dán tó. Ìwé àkọsílẹ̀ wọn ni wọn yóò ṣí. Ní ọdún 1999, Salisu Buhari, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, sọ pé òun gboyè ní Yunifásítì Toronto. Ilé ẹ̀kọ́ náà ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, ló bá kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ẹni tó kàwé ní tirẹ̀, tó wá fi ayédèrú rọ́pò, ó ti sọ òótọ́ ara rẹ̀ di irọ́.

Ẹ fọ̀nà hàn án. Kó kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kó gba ìwé pé sátífíkéètì òun ti jóná. Lẹ́yìn náà, kó lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù. Kó wá kọ̀wé sí rẹ́jísírà yunifásítì rẹ̀, kó fi méjèèjì sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà ìgbàwọlé rẹ̀, ẹ̀kọ́ tó kọ́, ọdún tó jáde, àti orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn á ní kó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Àpò ilé ẹ̀kọ́ ni kó sanwó sí, kì í ṣe ọwọ́ òṣìṣẹ́ kankan. Kó má retí sátífíkéètì tuntun dandan: ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí tàbí lẹ́tà ìjẹ́rìí ni wọ́n ń fúnni. Bó bá jẹ́ tíránsíkíríìpù ni wọ́n ń béèrè, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò fi ránṣẹ́ tààrà sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ.

Bó bá ní kò sáyè, pé ọ̀la ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kó gbé ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra náà dání, kó sọ fún agbanisíṣẹ́ pé òun ti kọ̀wé béèrè. Bó bá ṣì ń rọ̀ yín láti ṣe é, ẹ dá owó rẹ̀ padà, kí ẹ sì pa fáìlì ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín.