Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Akanda Ẹ̀dá Tó Ń Wá Iṣẹ́

Àwọn ìpolówó iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà máa ń fi kún un pé àyè wà fún akanda ẹ̀dá. Ìròyìn nìyẹn, ìròyìn kò sì tó àfojúbà. Òfin tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ọ̀nà àbáwọlé wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024, síbẹ̀ àtẹ̀gùn nìkan ló ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì.

Bí obìnrin aṣírò owó kan bá ń lo àga onítáyà ní Èkó, iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ kò ṣòroó mọ̀: ìdí tábìlì àti kọ̀ǹpútà ni. Ohun tó ń dínà mọ́ ọn wà láàárín géètì àti tábìlì náà. Bí wọ́n bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kó tó gbéra ló yẹ kó béèrè: àjà kelòó ni? Ṣé lífítì wà, ṣé jẹnẹrétọ̀ sì lè gbé e bí wọ́n bá mú iná lọ? Báwo ni ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe fẹ̀ tó? Abéèrè kì í ṣìnà. Ilé iṣẹ́ tó múra tán yóò wọn ilẹ̀kùn, á sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Èyí tó bá fèsì pé, "Ẹ má ṣèyọnu, àwọn bọ̀bọ́ wa á gbé yín gòkè," ti fi ara rẹ̀ hàn. Ta ni yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí ilé bá gbiná?

Ó yẹ kí ojú òun tìkára rẹ̀ tó ibẹ̀, tàbí ojú ẹni tó fọkàn tán. Ilẹ̀kùn tí kò bá fẹ̀ tó 80 sẹ̀ǹtímítà yóò máa ha ọwọ́ ẹni tó ń yí táyà. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ní òdiwọ̀n: gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 12 gíga rẹ̀. Àtẹ̀gùn onípele mẹ́ta tó ga ní 45 sẹ̀ǹtímítà ń fẹ́ ọ̀nà tó gùn ju mítà márùn-ún lọ. Bí wọ́n bá rọ símẹ́ńtì mítà kan péré síbẹ̀, ojú ayé ni wọ́n ṣe é fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ akanda ẹ̀dá tí wọ́n kó ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kún. Ẹlẹ́rìí tó dára jù ni akanda ẹ̀dá tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá sí ẹyọ kan, kí ó béèrè ìdí.

Òfin kan náà ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba sa ipá wọn kí ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ akanda ẹ̀dá, nítorí náà kò yẹ kí ó fo ìpolówó wọn. Orí ímeèlì ni kí gbogbo ìbéèrè àti èsì wà, kì í ṣe orí fóònù. Bí wọ́n bá torí àga onítáyà dù ú níṣẹ́, LASODA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akanda ẹ̀dá, ni kó kó àwọn ímeèlì náà lọ bá.