Iye Tó Wọlé, Kì í Ṣe Iye Tó Wà Nínú Lẹ́tà

"Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó." Ohun tí bàbá máa wí nìyẹn fún ọmọ tó gba lẹ́tà iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí èyí tówó rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ranlẹ̀. Ọmọ náà ò ní ṣàìní èsì: "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Òwe kọjú sí òwe, ọ̀rọ̀ ò sì tíì yanjú. Èmi fara mọ́ bàbá ju ọmọ lọ, ṣùgbọ́n àtòkèèrè tó ní ká ti wò ó yẹn, kí gan-an la fẹ́ wò?

Ọ̀dọ́bìnrin akáǹtáǹtì kan ló gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi l'Ékòó. Ilé-iṣẹ́ tuntun kan ní Yábàá, tó jẹ́ pé owó àwọn tó dókòwò sínú rẹ̀ ló ṣì ń ná, fẹ́ máa san ₦450,000 fún un lóṣù. Ilé-iṣẹ́ oníke kan n'Íkẹjà, tó ti wà tipẹ́, ní ₦280,000 ni tòun. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "₦170,000 lóṣooṣù, ṣé owó téèyàn ń fojú fò nìyẹn?"

Mo ní kó mú bíró. Ká ní Yábàá san owó fún oṣù 8, kó wá dákẹ́, kó sì gba oṣù 5 kó tó ríṣẹ́ míì. Oṣù 13 ti lọ, ₦3,600,000 ló wọlé. Láàárín oṣù 13 yẹn kan náà, Ìkẹjà á ti san ₦3,640,000. Ìyẹn ni pé bí Yábàá ò bá lè sanwó déédéé ju oṣù 8 lọ, iṣẹ́ olówó kékeré ló sanwó jù. Oṣù 5 tí mo fi sí i kì í ṣe òfin o. Ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń tà wàràwàrà lè fi 2 sí i. Kóówá ló mọ bí ọjà òun ṣe rí.

Àmọ́ ìṣirò náà ò tíì pé, torí a ò tíì ka owó ìfẹ̀yìntì mọ́ ọn. Òfin ọdún 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kó fi ìdá 10 kún un lápò ara rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tó bá ti sanwó. Ibi tí ilé-iṣẹ́ tówó ń tán lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti máa ń kọ́kọ́ fà sẹ́yìn nìyẹn, nítorí òṣìṣẹ́ kì í tètè fura. Owó oṣù tí kò wọlé, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Owó ìfẹ̀yìntì tí kò wọlé, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọ̀dọ́bìnrin náà ní ojúlùmọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá níbẹ̀, mo ní kó bẹ̀ ẹ́ kó ṣí fóònù rẹ̀. Àlááàtì owó oṣù kẹrin wọlé ní ọjọ́ 25, ti oṣù karùn-ún ní ọjọ́ 29, ti oṣù kẹfà di ọjọ́ 6 oṣù keje. Àtẹ̀jíṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Oṣù kejì ló ti dé kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ wọn ò yéé yọ ìdá 8 yẹn.

A tún ìṣirò ṣe. Ká gbà pé lára gbogbo owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ìkẹjà ń fi ₦28,000 kún ti tirẹ̀, ó di ₦308,000. Yábàá ń yọ ₦36,000 tí kò dé ibì kankan, ó ku ₦414,000. ₦170,000 tó ń dá a lọ́rùn ti di ₦106,000. Kí iṣẹ́ Yábàá tó lè borí báyìí, ó gbọ́dọ̀ sanwó fún nǹkan bí oṣù 15 láìdúró.

Kò túmọ̀ sí pé kó má lọ. Ẹni tí kò tíì ní owó ilé-ìwé ọmọ lọ́rùn, tó lè máa gbé bí ẹni tó ń gba owó Ìkẹjà, kó sì kó ìyókù pamọ́ de oṣù 5 tí kò ní sí iṣẹ́, lè dán an wò. Kó rí i pé iye oṣù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣèkìlọ̀ kí wọ́n tó dá a dúró wà nínú lẹ́tà, kó má gba ìlérí ẹnu.

Ìbéèrè kan ló kù tí mo ní kó bi ọ̀gá tó fẹ́ gbà á, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó tó wà nílẹ̀ báyìí, oṣù mélòó ló lè fi san owó oṣù gbogbo wa?" Bí iye tó dá kò bá tó oṣù 15, tàbí tó bá fi ẹ̀rín dáhùn, kó kọ̀wé sí Ìkẹjà lọ́jọ́ yẹn gan-an.